Fọ́ọ̀mù Pírọ́sì Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ Lófìfo, Ẹnu Yín Ni Ẹ Yá Ẹlòmíràn

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Ọ̀rọ̀ àpò ìwé ńlá kan ni, èyí tó máa ń wọ ọ̀pọ̀ ilé wa lọ́dọọdún, pàápàá láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹjọ. Ìwé dídán aláwọ̀ mèremère máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ nínú agbádá àti kóòtù. Àwọn ọmọ wa á fi bo ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Òmíràn nínú wa á ya á láti fi pọ́n ẹ̀pà. Àwa fúnra wa ti ra ẹ̀pà tí wọ́n fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ́n nínú ọjà yìí, nígbà tí a sì tú u, fọ́ọ̀mù pírọ́sì ni a rí, orúkọ ẹni tó ni ín wà lórí rẹ̀ gbáà, pẹ̀lú iye ṣéà tó ní. Owó ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà náírà díẹ̀.

Báwo ni ṣéà ṣe dé ọwọ́ àwa ọlọ́jà? Ẹ̀yin àgbà ò ní gbàgbé. Ní ọdún 2004, Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa sọ pé báǹkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Ni àwọn báǹkì bá ń pe gbogbo ayé kí wọ́n wá ra ṣéà. Wọ́n bá wa lọ́jà, wọ́n bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn náà, àwọn báǹkì kéékèèké àdúgbò, tí a ń pè ní báǹkì aráàlú, gbọ́dọ̀ di báǹkì ẹ̀yáwó kékeré kí ọdún 2007 tó parí, èyí tó kéré jù nínú wọn sì gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù 20 náírà. Àwọn náà tún wá. Ẹlòmíràn nínú wa kó owó àjọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí náà wà lábẹ́ àpótí títí dòní. A ra ṣéà tán, a gbàgbé pé ẹni tó ra ṣéà ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́.

Ìwé tó wà nínú àpò yẹn ni ìwé ìpè sí ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún. Fọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń pè ní pírọ́sì, ni ìwé tí ẹ fi ń yan aṣojú tí yóò lọ dúró fún yín bí ẹ ò bá lè lọ. Èrò tiwa rèé: ó sàn kí ẹ ju fọ́ọ̀mù náà nù ju kí ẹ fọwọ́ sí i lófìfo lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó dára ju méjèèjì lọ ni kí ẹ kún un bó ṣe yẹ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ní òun ń gba fọ́ọ̀mù pírọ́sì jọ. Ó ní, "Mà, ẹ ṣá tẹ̀ka síbí, a ó bá yín kún ìyókù." Ọjọ́ ọjà ni, oníbàárà wà níwájú ìyá, ó tẹ̀ka. Ó dọdún kejì, èrè orí ṣéà tó bọ́ sí i lọ́wọ́ kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ó lọ bínú ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ mú ìwé jáde, wọ́n ní, "Ìyá, ìpàdé ló fọwọ́ sí i pé ká ta ṣéà tuntun. Ẹ̀yin náà sì dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Ìka yín rèé." Ìka rẹ̀ ni lóòótọ́. Kí ni ìyá fẹ́ wí?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká jókòó ka ìwé ìpè kan pọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ká ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìpàdé yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, agogo 11 òwúrọ̀, ní Èkó.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 sọ pé ọjọ́ 21 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ àti ìgbà tí ìpàdé yóò wáyé. Bí ìpàdé bá jẹ́ ọjọ́ 25, tí a bá sì fẹ́ kí ọjọ́ 21 pé pérépéré láàárín, ìwé kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 3 oṣù náà lọ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá rí i pé ọjọ́ 15 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé, nǹkan ti wọ́ níbẹ̀ nìyẹn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ibi ìpàdé, ọjọ́ àti àkókò, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò ní kíkún tó fi máa yé èèyàn. Ó tún gbọ́dọ̀ hàn gbangba nínú rẹ̀ pé ẹ lè yan aṣojú, àti pé kò pọn dandan kí aṣojú náà ní ṣéà.

Ibi kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ń jìn sí kòtò. Bí wọ́n bá fi ìwé ìpè ránṣẹ́ nípa ilé ìfìwéránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ẹ fún wọn, òfin kà á sí pé ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ nígbà tí ọjọ́ 7 bá kọjá. Wọn ò ní béèrè bóyá ẹ rí i tàbí ẹ ò rí i. Ẹni tó ti kó kúrò ní Mólípa láti ọdún 2009, tí àdírẹ́sì Mólípa ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ìwé rẹ̀ ń lọ sí Mólípa nìyẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ́jísítírà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú orúkọ gbogbo oníṣéà fún ilé-iṣẹ́, ni ẹ ó kọ̀wé sí láti yí àdírẹ́sì padà. Orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ́jísítírà sábà máa ń wà lára ìwé èrè tàbí nínú ìwé ìròyìn dídán yẹn.

Ẹ wá bọ́ sí ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Èkíní ni àwọn ohun tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún: kíkéde èrè orí ṣéà, gbígbé ìṣirò owó àti ìròyìn àwọn olùdarí àti ti ayẹ̀wé-owó-wò síwájú ìpàdé, dídìbò yan olùdarí rọ́pò àwọn tó ń fi ipò sílẹ̀, owó ayẹ̀wé-owó-wò, àti yíyan àwọn tí yóò wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìṣirò. Wọn kì í sábà ṣe ohun tí a ó bá wọn jà lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ ká kà wọ́n.

Èkejì ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ àkànṣe, ó sì máa ń wà nísàlẹ̀, níbi tí ojú ti máa ń rẹ èèyàn. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi awò yín sí. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fẹ́ "fi kún owó ìdókòwò," tàbí "ta ṣéà tuntun," tàbí kí wọ́n fún àwọn olùdarí láṣẹ láti ta á "lọ́nà tó bá tọ́ lójú wọn," ẹ dúró níbẹ̀. Irú èyí pọ̀ gan-an láti oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ tún gbé owó ìdókòwò báǹkì sókè, tí ti báǹkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun di bílíọ̀nù 500 náírà, tí ti báǹkì tó ń ṣòwò káàkiri Nàìjíríà nìkan di bílíọ̀nù 200, tí wọ́n sì fún wọn di òpin oṣù kẹta ọdún 2026.

A ò sọ pé títa ṣéà tuntun burú. Báǹkì tí kò lówó tó lè wó lé gbogbo wa lórí. Ohun tó yẹ kó yé wa ni ohun tó ń ṣe sí ìpín tiwa. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré ṣe é. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní ṣéà mílíọ̀nù 1, ẹ̀yin sì ní 10,000. Nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan ni tiyín. Bí wọ́n bá fẹ́ pín èrè 500,000 náírà, 5,000 ló kàn yín. Wọ́n wá ta ṣéà mílíọ̀nù 1 míì, ṣéà di mílíọ̀nù 2. Bí ẹ ò bá ra nínú rẹ̀, 10,000 yín ṣì wà bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni ò jí i. Ṣùgbọ́n ó ti di ìdajì ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí èrè tí wọ́n fẹ́ pín kò bá lé sí i, 2,500 ló kàn yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá wa nìyẹn.

Ìbéèrè tó wá wà níbẹ̀ ni pé ta ni wọ́n fẹ́ ta á fún? Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́kọ́ fi lọ àwọn oníṣéà tó wà nílẹ̀, kálukú ní ìwọ̀n ohun tó ní, ẹ lè ra tiyín kí ìpín yín má dín kù. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn kan tí wọ́n ṣà ni wọ́n fẹ́ tà á fún, ẹ ò ní rí i rà. Ọ̀rọ̀ kékeré ló ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé ìpè. Ẹni tí kò kà á, kò ní mọ̀.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù pírọ́sì. Ìlà àkọ́kọ́ máa ń sọ pé, "Èmi lágbájá, oníṣéà ilé-iṣẹ́ yìí, yan …", wọ́n á fi àlàfo sílẹ̀, wọ́n á sì wá kọ ọ́ pé, "tàbí bí kò bá sí i, alága ìpàdé." Ẹ ṣé ẹ rí i? Bí ẹ ò bá kọ orúkọ kankan síbẹ̀, alága ìpàdé ni ẹ yàn. Ọ̀gá àwọn olùdarí tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé ni alága ọ̀hún sábà máa ń jẹ́.

Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á to ọ̀rọ̀ ìpàdé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àpótí méjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Mo fara mọ́ ọn" àti "Mi ò fara mọ́ ọn." Ibẹ̀ ni ẹ ó ti máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé aṣojú lè dìbò bó bá ṣe wù ú. Àwọn àgbà wa ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni ni èèyàn ń rán bẹ́ẹ̀. Alága tí a kò rí rí kì í ṣe ọmọ wa.

Ọ̀rọ̀ àkókò wá tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ lè sọ pé kí fọ́ọ̀mù dé ọ̀dọ̀ àwọn ní wákàtí 48 ṣáájú ìpàdé, òfin kò sì gbà wọ́n láyè láti béèrè fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, tí ìpàdé jẹ́ Ọjọ́bọ̀ agogo 11, agogo 11 òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 23, ni gbèdéke. Fọ́ọ̀mù tó dé ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun ti pẹ́. Ẹni tó bá fi í rán onímọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun, orí ló ń ta o, nítorí ẹ mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó. Ẹ jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ yín kí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú parí, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n rí i gbà. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjọba lé e, àti ta ni yóò san owó òǹtẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló máa ń san án fúnra wọn, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀.

Fún àwọn ìyá wa tí kì í kọ̀wé, ìtẹ̀ka kì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé kà ní kí ẹni tó bá a kọ ìwé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kó sì hàn pé ó kà á fún un kó tó tẹ̀ka, ó sì yé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ pé "ẹ ṣá tẹ̀ka" yẹn kò kọ orúkọ tirẹ̀ síbìkankan. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ orúkọ ara rẹ̀, ẹ má ṣe tẹ̀ka fún un.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣéà mi kò pọ̀, kí ni ìbò mi fẹ́ tu?" Ó dára, ẹ jẹ́ ká wò ó. Bí alága bá ní kí wọ́n nawọ́, orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà. Ẹni tó ní ṣéà 500 àti ẹni tó ní mílíọ̀nù kan, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n wọ́n lè béèrè pé kí wọ́n ka ìbò nípa iye ṣéà. Òfin ní oníṣéà mẹ́ta péré, tí wọ́n wà níbẹ̀ fúnra wọn tàbí nípasẹ̀ aṣojú, lè béèrè bẹ́ẹ̀. Ká ní ìyá aláṣọ ní 40,000, ìyá elépo ní 12,000, ìyá aláta ní 5,000. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yan ẹnì kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ka ìbò nípa ṣéà, 57,000 ló gbé dání lọ. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, kò ní borí àwọn olówó, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àmọ́ ní báǹkì ẹ̀yáwó kékeré àdúgbò wa, níbi tí ó jẹ́ pé àwa ọlọ́jà ló pọ̀, ó lè tẹ ìwọ̀n. Nǹkan míì tún wà: ọ̀rọ̀ bíi yíyí orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí yíyí ìwé òfin rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ ní ìbò mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ó lè dá irú rẹ̀ dúró.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé pírọ́sì kò já mọ́ nǹkan, kó rántí ọdún 2020. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí èèyàn kò gbọdọ̀ pé jọ, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ gbé ìlànà jáde ní oṣù kẹta ọdún náà pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lè fi aṣojú nìkan ṣe ìpàdé ọdọọdún, bí wọ́n bá ti gba àṣẹ. Wọ́n kọ orúkọ àwọn aṣojú sínú ìwé ìpè, wọ́n ní kí oníṣéà ṣà nínú wọn. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló jókòó sí gbọ̀ngàn, wọ́n sì ṣe ìpinnu lórúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣéà. Lọ́dún yẹn, fọ́ọ̀mù pírọ́sì nìkan ni ẹnu tí oníṣéà ní. Ẹni tó fi tirẹ̀ pọ́n ẹ̀pà kò sọ̀rọ̀ rárá.

Èyí ni àwa ṣe ń sọ pé kí ẹgbẹ́ wa gbé ìgbésẹ̀. Kí ẹni tí ìwé ìpè bá tẹ̀ lọ́wọ́ gbé e wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó bá tẹ̀ lé e, kó má dúró di ọ̀sẹ̀ ìpàdé ilé-iṣẹ́. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kà á sókè lédè Yorùbá, pàápàá apá àkànṣe. Kí àwọn tó ní ṣéà ní ilé-iṣẹ́ kan náà jókòó sọ́tọ̀, kí wọ́n fẹnu kò, kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ máàkì tirẹ̀. Kí wọ́n wá yan ẹnì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀rù kì í bà láti dìde béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n dá owó ọkọ̀ fún un. Aṣojú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé gẹ́gẹ́ bí oníṣéà fúnra rẹ̀. Tó bá dé, kó jábọ̀ fún wa.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní èyí yóò dá ìjà sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ owó kálukú kì í ṣe ohun tí à ń tú síta lọ́jà. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí èèyàn mọ iye tó wà lápò wa. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fipá mú ẹnì kan láti fi iye ṣéà rẹ̀ hàn, ẹni tó bá sì fẹ́ yan ọmọ bíbí inú rẹ̀ ní aṣojú, kó yàn án. Ohun tí a kò fẹ́ ni òfìfo.

Kí á tún fi èyí kún un kí ó má bàa dàrú mọ́ yín lójú: ohun tí a ń sọ kò kan ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Níbẹ̀, ìbò kan ni èèyàn kan ní, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Bóyá èèyàn lè rán aṣojú wá tàbí kò lè rán an, ìwé òfin ẹgbẹ́ yín ni ẹ ó wò.

Ẹ lọ wo abẹ́ àpótí yín lónìí. Ẹ yọ ìwé ẹ̀rí ṣéà yín, ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀ bóyá òun ni ẹ ṣì ń gbé. Àpò ìwé tó bá sì tún dé, ẹ má ṣe fún àwọn ọmọ kí ẹ tó kà á. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ire o.